Ẹja tó yọ́ nígbà tí iná lọ, tó tún dì nígbà tí iná dé: ṣé kí n sè é ni àbí kí n dà á nù?

Ìyàwó Ilé Ìjẹ̀bú-Òde | Ọjọ́ Ajé, aago 7:10 àárọ̀

Ẹ káàárọ̀ o. Èkó ni mo lọ láti ọjọ́ Ẹtì, àárọ̀ yìí ni mo dé. Aládùúgbò mi ní wọ́n mú iná lọ ní nǹkan bí aago 9 alẹ́ ọjọ́ Ẹtì, kò sì dé títí di aago 5 ìrọ̀lẹ́ àná, ọjọ́ Àìkú. Ẹja inú firísà mi ti dì padà gbagidi. Táítọ̀sì àti ṣáwá ló wà lókè, kúrókà ńlá mẹ́ta wà nísàlẹ̀. Ọjọ́ Sátidé yìí la fẹ́ ṣe ìrántí bàbá ọkọ mi, ìkọ́kọrẹ́ la sì fẹ́ fi ẹja náà sè. Kò rùn rárá. Ṣé ó ṣì ṣe é jẹ?

Ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó | 7:32 àárọ̀

Ẹ má da owó nù o. Bí ẹja kò bá ti rùn, kò tíì bàjẹ́. Ẹ fi iyọ̀ àti ọsàn wẹ́wẹ́ fọ̀ ọ́ dáadáa, kí ẹ dín in kó gbẹ. Kòkòrò wo ló fẹ́ yè nínú epo gbígbóná? Ilé wa ni wọ́n ti ń ṣe é bẹ́ẹ̀ láti kékeré mi.

Àgbẹ̀ Ọ̀sìn Ẹja | 7:50 àárọ̀

Ọ̀rọ̀ iná yìí ti sú mi. Ẹja àrọ̀ tèmi tó lé ní 200 ló kú nínú adágún lọ́sẹ̀ tó kọjá, torí kò síná tí a fi lè fa omi tuntun sí i. Àwọn tó kú lóru, mo rí wọn láàárọ̀, wọ́n léfòó. Mo kó wọn sí firísà. Ṣé èmi náà lè jẹ wọ́n, àbí kí n tà wọ́n?

Ìyá Kódùrúmù Ṣàgámù | 8:15 àárọ̀

Àgbẹ̀, ẹ pẹ̀lẹ́ o, àdánù ńlá nìyẹn. Ọ̀rọ̀ tiyín yàtọ̀ sí tirẹ̀. Ẹja tó ti kú sínú omi lóru, tí ẹ ò mọ aago tó kú, ẹ má ta á fún ẹnikẹ́ni. Ẹ ṣí ìjíròrò tirẹ̀ lọ́tọ̀, màá wá bá yín níbẹ̀.

Ìyàwó Ilé, ọmọ mi, o kú ìrìn. Má tíì dà á nù, má sì tíì sè é. Ọdún 19 ni mo ti ń ta ẹja yìnyín. Ẹja tó dì lẹ́ẹ̀mejì kì í di májèlé nítorí pé ó dì lẹ́ẹ̀mejì. Bí ó bá yọ́ díẹ̀ tí yìnyín ṣì wà nínú rẹ̀, tó wá tún dì, ẹran rẹ̀ yóò kàn rọ̀ ni, yóò máa fọ́ nínú epo, adùn rẹ̀ yóò dín kù. Wákàtí tó fi wà nínú ooru láìsí yìnyín kí iná tó dé, ìyẹn ló ń pa èèyàn lára. Wákàtí yẹn la fẹ́ mọ̀. Ìwọ ò sí nílé, ṣùgbọ́n firísà rẹ wà níbẹ̀, ẹ jẹ́ ká bi í.

Dá mi lóhùn. Ṣé firísà náà kún? Ṣé omi píọ̀wọ́tà wà nínú rẹ̀, tí ó bá sì wà, ṣé bí o ṣe tò ó kí o tó lọ náà ló ṣì ṣe wà, àbí ìrísí rẹ̀ ti yí padà? Wo abẹ́ ẹja tó wà lókè, ṣé omi ẹ̀jẹ̀ ti ṣàn tó sì ti dì síbẹ̀? Ṣé ẹnikẹ́ni ṣí firísà náà?

Ìyàwó Ilé Ìjẹ̀bú-Òde | 8:41 àárọ̀

Ẹ ṣé, mà. Firísà tí ìdérí rẹ̀ ń ṣí sókè ni, kò kún ju ìdajì lọ. Mo to báàgì píọ̀wọ́tà kan, ọ̀rá 20, sí ìsàlẹ̀ pátápátá, mo fi kúrókà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sáàárín wọn. Mo ti fi ìwé ìròyìn wé kúrókà náà kí n tó fi ọ̀rá dì í. Nínú apẹ̀rẹ̀ oníwáyà tó wà lókè ni táítọ̀sì kílò 4 àti ṣáwá kílò 2 wà, mo wá gbé píọ̀wọ́tà mẹ́ta lé wọn lórí.

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ wò ó ni. Àwọn mẹ́ta tòkè ti yí padà, mà. Wọ́n ti rì wọ inú ẹja náà, ojú wáyà apẹ̀rẹ̀ sì hàn lára ọ̀kan bí ẹni fi òǹtẹ̀ lù ú. Tìsàlẹ̀ ṣì rí pẹlẹbẹ bí mo ṣe tò wọ́n, àfi méjì tó kọjú sí ògiri tí igun wọn tẹ̀. Omi pupa sì ti ṣàn láti inú apẹ̀rẹ̀, ó ti dì sórí àwọn ọ̀rá ìsàlẹ̀, ó fẹ́lẹ́ bíi gíláàsì. Aládùúgbò ní òun ò ṣí i, kò tiẹ̀ ní kọ́kọ́rọ́ yàrá yẹn.

Ìyá Kódùrúmù Ṣàgámù | 9:20 àárọ̀

O ti dáhùn dáadáa, ó sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ yanjú ara rẹ̀.

Omi píọ̀wọ́tà kì í yí ìrísí padà nígbà tó bá ṣì jẹ́ yìnyín. Kí ojú wáyà tó lè hàn lára rẹ̀, ó ní láti kọ́kọ́ di omi, kó rọ̀, kó tẹ̀ mọ́ wáyà, kó wá tún dì síbẹ̀. Bí omi tó wà lórí ẹja bá ti yọ́ pátápátá, ẹja tó wà lábẹ́ rẹ̀ náà ti yọ́. Ẹ̀jẹ̀ tó ṣàn jẹ́rìí sí i, torí ẹja tó dì kì í ṣẹ̀jẹ̀. Nítorí náà, apẹ̀rẹ̀ òkè yọ́ tán. Èyí dá mi lójú.

Wákàtí mélòó ló wá wà bẹ́ẹ̀? Láti aago 9 alẹ́ ọjọ́ Ẹtì sí aago 5 ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú jẹ́ wákàtí 44. Firísà tó kún, tí a kò ṣí, lè di òtútù mú fún nǹkan bíi wákàtí 48. Èyí tó kún dé ìdajì, wákàtí 24 ni a máa ń kà fún un. Yàrá tiwa gbóná, mi ò sì ní gbà pé ó pé 24 lókè apẹ̀rẹ̀ yẹn. Ṣùgbọ́n jẹ́ ká fún un ní gbogbo rẹ̀. Ìyẹn gbé e dé aago 9 alẹ́ Sátidé. Wákàtí 20 ṣì kù kí iná tó dé. Bí iná sì ṣe dé, ẹja kì í dì lójú ẹsẹ̀. Kílò 6 nínú firísà ilé, àfàìmọ̀ kó má gba gbogbo òru kó tó le. Wákàtí wọ̀nyẹn náà wà nínú ìṣirò, ọ̀pọ̀ èèyàn kì í kà wọ́n.

Ẹja kò gbọ́dọ̀ ju wákàtí 2 lọ nínú ooru tó bá ti kọjá dígírì 4, ìyẹn òtútù fíríìjì lásán. Tìrẹ ti lé ní 20. Kó táítọ̀sì àti ṣáwá yẹn dànù, ọmọ mi. Owó ńlá ni, mo mọ̀.

Mò ń bọ̀ wá sórí kúrókà. Tiwọn yàtọ̀.

Ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó | 9:44 àárọ̀

Ìyá wa, mo bọ̀wọ̀ fún yín, ṣùgbọ́n mi ò gbà. Iná ń pa kòkòrò. Òótọ́ lẹ fẹ́ kí n sọ, àbí irọ́? Bí a bá dín ẹja náà dáadáa, kí ló kù tó lè ṣe èèyàn ní nǹkan? Táítọ̀sì kílò 4 kọ́ ni nǹkan tí èèyàn ń dà nù láyé òde òní.

Tíṣà Àgọ́-Ìwòyè | 10:05 àárọ̀

Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi, torí ó ti lé lọ́dún kan tí mo ti ń gbé e kiri láìmọ ìdí rẹ̀.

Ọjọ́ Àìkú kan ni, lẹ́yìn tí iná lọ tó sì dé lọ́jọ́ kejì, mo sọ kòté kalẹ̀, mo dín in gbẹ bí ẹ ṣe sọ yẹn gan-an, Ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó, mo sì dà á sínú ọbẹ̀ ata. Kò rùn. Kò tíì pé ìdajì wákàtí tí mo jẹun tán tí ojú mi gbóná, tí ó pọ́n kankan, títí dé ọrùn àti àyà. Orí bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ mi, àyà mi ń lù kìkì, ara ń yún mi. Ṣíbí ọbẹ̀ kan náà ni èmi àti ọkọ mi jọ fi bù ú, nǹkan kan ò ṣe é. Ohun tó dẹ́rù bà mí jù nìyẹn. Ìyá mi ní wọ́n ti fi nǹkan sí i fún mi, pé ẹni tí a dojú kọ ni nǹkan ń ṣe. Títí di ìrọ̀lẹ́ ni a ń gbàdúrà. Kó tó di ọjọ́ kejì, ó ti lọ. Láti ìgbà náà ni mi ò ti fẹnu kan kòté mọ́, torí mo rò pé ara mi ló kọ̀ ọ́.

Nọ́ọ̀sì Ìlíṣàn | 10:52 àárọ̀

Tíṣà, ẹ kú ewu o. Bí ẹ ṣe kà á sílẹ̀ yẹn gan-an ni mo ti rí i lára àwọn aláìsàn, ó lé ní ẹ̀ẹ̀kan, ẹja olóròóró tó ti gbóná rí ni wọ́n sì ti jẹ. Mi ò lè fi ìka sí i pé òun ló ṣe yín láìrí yín nígbà náà, ṣùgbọ́n ó jọ ọ́ gidigidi.

Táítọ̀sì, kòté, ṣáwá àti túnà ní nǹkan kan nínú ẹran wọn tí kò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ nínú àwọn ẹja bíi kúrókà tàbí pánla. Nígbà tí ooru bá bá wọn, àwọn kòkòrò tí ojú wa kò rí yóò máa sọ nǹkan náà di hísítámínì. Hísítámínì yìí kan náà ni ara wa fúnra rẹ̀ máa ń tú jáde nígbà tí kòkòrò bá ta wá tí ara wú. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó jẹ ẹ́ fi ń pọ́n lójú, tí ara rẹ̀ ń yún, tí àyà rẹ̀ ń já, bíi pé ara rẹ̀ kọ oúnjẹ náà.

Ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó, òótọ́ ni pé iná ń pa kòkòrò, ẹ ò purọ́. Ohun tí kòkòrò náà ti ṣe sílẹ̀ kí ẹ tó gbé epo kaná ni iná kò lè bà jẹ́. Díndín, sísè, yíyan, gbígbé e sínú yìnyín, kò sí èyí tó ń mú hísítámínì kúrò. Iyọ̀ àti ọsàn ń fọ òórùn ara ẹja, wọn kì í wọ inú ẹran lọ fọ nǹkan yìí. Òun fúnra rẹ̀ kò sì ní òórùn, kò ní àwọ̀. Ẹja lè má rùn, kí ó sì wà nínú rẹ̀.

Ní ti ọkọ Tíṣà: kì í pín dọ́gba. Ẹja kan lè ní in púpọ̀ kí ti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ má ní in rárá, kódà ibì kan lára ẹja kan náà lè ju ibòmíràn lọ. Ẹnìkan mú èyí tó léwu, ẹnìkejì mú èyí tí kò léwu, inú ìkòkò kan náà. Kì í ṣe pé ẹnikẹ́ni dojú kọ yín.

Ohun kan tún wà tó kan ọbẹ̀ tiwa. Àwọn tó jẹ irú ẹja bẹ́ẹ̀ láìsí ata máa ń sọ pé ó ta àwọn lẹ́nu bíi ata, tàbí pé ó ń ta ahọ́n. Àwa tí a ti da rodo àti ṣọ̀mbọ̀ sínú rẹ̀, báwo la ó ṣe mọ̀? Ata ti bo àmì kan ṣoṣo tí ẹnu ìbá fi dá a mọ̀.

Tíṣà Àgọ́-Ìwòyè | 11:08 àárọ̀

Omi ń bọ́ lójú mi bí mo ṣe ń ka èyí. Àǹtí Nọ́ọ̀sì, ṣé mo lè padà jẹ kòté nígbà náà?

Nọ́ọ̀sì Ìlíṣàn | 11:30 àárọ̀

Bí ó bá jẹ́ ẹja tó bàjẹ́ ló ṣe yín, bẹ́ẹ̀ ni, torí ẹja náà ló ní àléébù, ara yín kọ́. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ sọ fún dókítà, nítorí àwọn kan wà tí ara wọn kọ ẹja lóòótọ́, àwọn méjèèjì sì jọra lójú.

Ẹni tó bá ṣẹlẹ̀ sí lónìí, oògùn ara yíyún bíi Pírítìn sábà máa ń mú un rọlẹ̀. Kì í sábà ju ọjọ́ kan lọ. Ṣùgbọ́n bí ètè tàbí ọ̀nà ọ̀fun bá ń wú, bí èémí bá ń nira tàbí tí òyì ń kọ́ èèyàn, ẹ má dúró ṣe oògùn nílé, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ lójú ẹsẹ̀.

Ayanja Ìpẹru | 12:17 ọ̀sán

Ẹ jọ̀ọ́, iṣẹ́ ẹja yíyan ni mò ń ṣe. Bí iná bá lọ báyìí, àwọn oníbàárà mi máa ń kó ẹja tó ti yọ́ wá fún mi pé kí n bá wọn yan án kó má baà ṣòfò. Ṣé ohun tí ẹ ń sọ ni pé mò ń fi èéfín bo nǹkan búburú mọ́lẹ̀ ni? Mi ò fẹ́ gba ẹ̀bi èèyàn sọ́rùn.

Ìyá Kódùrúmù Ṣàgámù | 12:50 ọ̀sán

Ayanja, inú mi dùn pé o béèrè. Ó wà lọ́wọ́ ìgbà tí wọ́n gbé e dé. Bí ẹja bá ṣì tutù lọ́wọ́ rẹ bíi yìnyín, tí àárín rẹ̀ ṣì le, yan án, o ti bá wọn gbà á là. Ohun tó dáa jù tí èèyàn lè ṣe nígbà tí iná bá pẹ́ nìyẹn: kí ẹja tó gbóná rárá, yan án tàbí dín in. Èyí tí wọ́n bá gbé dé tó ti lọ́ wọ́ọ́rọ́, tí ikùn rẹ̀ ti rọ̀, tí omi pupa ń kán nínú ọ̀rá, dá a padà fún wọn. Èéfín yóò gbẹ omi rẹ̀, yóò fún un ní àwọ̀ tó dára, ohun tó wà nínú rẹ̀ yóò ṣì wà níbẹ̀.

Mo fẹ́ fi nǹkan kan kún ti Nọ́ọ̀sì. Àwọn èèyàn máa ń rò pé bí iná bá ti dé tí ẹja sì dì, ọ̀rọ̀ ti tán. Yìnyín kì í pa àwọn kòkòrò náà, ńṣe ló ń dá wọn dúró. Ohun tí wọ́n fi ń ṣe iṣẹ́ náà sì ti wà nínú ẹran ẹja, yìnyín kì í bà á jẹ́. Ọjọ́ tí o bá sọ ẹja náà kalẹ̀ kó yọ́ kí o lè gé e, níbi tó dúró sí náà ni yóò ti tẹ̀ síwájú. Ẹ̀ẹ̀kejì yìí yá ju tàkọ́kọ́ lọ, torí ẹran rẹ̀ ti fọ́ sínú, omi ti kún un. Ẹni tó bá wá ní kí òun gbé e sínú abọ́ ní kíṣìnì láti àárọ̀ títí di ọ̀sán kó lè yọ́ dáadáa, ó ti fi wákàtí mìíràn kún ti tẹ́lẹ̀.

Ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó | 1:22 ọ̀sán

Ó dáa, mo gba ti táítọ̀sì. Tí Tíṣà sọ yẹn, ó wọ̀ mí lára, torí ó ti ṣe àbúrò mi obìnrin bẹ́ẹ̀ rí, a sì ní ooru ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin oníkódùrúmù ńkọ́? Iná ń lọ lọ́dọ̀ yín náà. Ṣé kì í ṣe ẹja tó ti dì lẹ́ẹ̀mejì lẹ ń tà fún wa lọ́jà?

Ìyá Kódùrúmù Ṣàgámù | 2:05 ọ̀sán

Ìbéèrè tó tọ́ ni. Jẹnẹrétọ̀ la fi ń gbé e, owó epo dísù sì ni ìdí tí àwọn kan fi ń pa á lóru. Mo mọ̀ pé wọ́n ń ṣe é, mi ò sì ní purọ́ nítorí pé iṣẹ́ mi ni. Nígbà tí o bá fẹ́ ra ẹja, ní kí wọ́n ṣí páálí kílò 20 lójú rẹ. Tí ìsàlẹ̀ páálí bá ti lọ́, tó ní àbàwọ́n omi tó ti gbẹ, tí ẹja sì lẹ̀ mọ́ra wọn nínú yìnyín pupa, ó ti yọ́ rí. Tẹ ikùn rẹ̀. Ikùn táítọ̀sì ló máa ń kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, bí ó bá ti bẹ́ tí egungun ìhà ń yọ jáde, fi sílẹ̀ fún un. Ṣùgbọ́n mo gbà fún ọ pé ẹni tó bá tún un dì dáadáa, ojú nìkan kò lè mú un ní gbogbo ìgbà. Mọ ẹni tí ò ń rà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ìyàwó Ilé Ìjẹ̀bú-Òde | 2:40 ọ̀sán

Ẹ ṣé gan-an. Mo ti gba tòkè gẹ́gẹ́ bí àdánù. Kúrókà ńkọ́, mà? Ìyá ọkọ mi ti ń pè láti béèrè iye ẹja tó wà nílẹ̀.

Ìyá Kódùrúmù Ṣàgámù | 3:15 ọ̀sán

Kúrókà wà láàárín ọ̀rá 20, ìyẹn nǹkan bíi kílò 10 yìnyín tó yí i ká, nísàlẹ̀ firísà tí òtútù máa ń wọ́ sí. Bí 18 nínú wọn kò bá yí padà, wọ́n ṣì ní yìnyín nínú nígbà tí iná dé. Ohun tí yìnyín bá yí ká kì í gbóná tó bẹ́ẹ̀. Méjì tó tẹ̀ níhà ògiri kò yà mí lẹ́nu, ẹ̀gbẹ́ ni ooru ti ń wọlé. Bí ó bá jẹ́ tèmi, màá mú ọ̀kan jáde, màá fi sínú fíríìjì, kì í ṣe orí tábìlì, kó yọ́ níbẹ̀ mọ́jú. Kí o wo ìwé ìròyìn tó wé e. Bí ìwé náà bá gbẹ tàbí tó kàn rin díẹ̀, tí kò ní ẹ̀jẹ̀, tí ẹran ẹja sì ta padà nígbà tí o fi ìka tẹ̀ ẹ́, sè é. Sè é lọ́la, má tún dá a padà sínú firísà ní tútù.

Nọ́ọ̀sì Ìlíṣàn | 3:48 ọ̀sán

Ìyá, ẹ dárí jì mí, ibí yìí ni mi ò ti bá yín lọ. Omi táítọ̀sì ṣàn sórí ọ̀rá wọ̀nyẹn nígbà tó ti gbóná. Ta ló mọ̀ bóyá ọ̀rá kúrókà ní ihò? Àwọn àgbàlagbà àti ọmọdé ni yóò jẹun níbi ìrántí yẹn. Bí kúrókà ò bá tiẹ̀ ń ṣe hísítámínì bíi táítọ̀sì, àwọn kòkòrò mìíràn wà tó ń fa ìgbẹ́ gbuuru. Èmi yóò kó gbogbo rẹ̀ dànù.

Ìyá Kódùrúmù Ṣàgámù | 4:10 ìrọ̀lẹ́

Ọ̀rọ̀ ihò ọ̀rá yẹn, o gbà mí níbẹ̀. Mi ò ronú kàn án tó. Ọmọ mi, èyí tí omi pupa bá ti kan ara rẹ̀, tàbí tí ìwé rẹ̀ bá pọ́n, jù ú nù, má fọ̀ ọ́ jẹ. Èyí tó bá mọ́ ni mò ń sọ. Mo ṣì dúró lórí pé ẹja tí yìnyín yí ká kò yẹ ní dídà nù.

Nọ́ọ̀sì Ìlíṣàn | 4:26 ìrọ̀lẹ́

Fún ìdílé lásán, mo lè gbọ́. Fún àlejò, mi ò ní gbà.

Ìyàwó Ilé Ìjẹ̀bú-Òde | Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago 9:35 àárọ̀

Ẹ káàárọ̀ gbogbo yín. Mo ní kí n wá ròyìn.

Kí n tó da táítọ̀sì nù, mo sọ ọ̀kan sínú abọ́ kí n lè fojú ara mi rí i. Bí ó ṣe ń yọ́ ni ikùn rẹ̀ ń là fúnra rẹ̀. Ẹran rẹ̀ ń já bí ẹ̀kọ tó rọ̀, ibi tó fi ń mí lábẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ti di àwọ̀ ilẹ̀. Síbẹ̀ náà, mo fi imú kàn án, òórùn ẹja lásán ni. Ká ní mi ò béèrè níbí ni, mo mọ̀ pé mi ò bá ti dín in. Ẹ̀yìnkùlé ni mo gbẹ́lẹ̀ sin gbogbo rẹ̀ sí, ó jìn kí ajá àwọn aládùúgbò má baà wú u.

Mo fi ọṣẹ àti omi gbígbóná fọ inú firísà, mo da àwọn píọ̀wọ́tà tí omi pupa kàn nù pẹ̀lú.

Kúrókà mẹ́ta: ìwé tó wé ọ̀kan ti pọ́n ní etí, mo jù ú sínú ihò kan náà. Méjì yòókù, ìwé wọn gbẹ. Mo gbé wọn sínú fíríìjì lálẹ́, láàárọ̀ yìí ẹran wọn le, ó ń ta padà lábẹ́ ìka mi. Mo ti ń dín wọn lọ́wọ́ fún èmi àti ọkọ mi nìkan. Ìyá ọkọ mi bínú díẹ̀, ó ní ní ayé tòun, ẹja kì í bàjẹ́ bẹ́ẹ̀. Mo rán an létí pé ní ayé tòun, wọ́n kì í fi ẹja sínú àpótí ọjọ́ mẹ́ta, àárọ̀ ni wọ́n ń rà á lọ́wọ́ àwọn tó ń bọ̀ láti Ẹ̀pẹ́, alẹ́ ni wọ́n ń jẹ ẹ́ tán tàbí kí wọ́n yan án. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní òótọ́ ni. Ẹja yíyan la máa fi sè ìkọ́kọrẹ́ lọ́jọ́ Sátidé.

Ìyá Kódùrúmù Ṣàgámù | 10:20 àárọ̀

O ṣe é bó ṣe yẹ. Nítorí ìgbà mìíràn tí o bá ń rìnrìn-àjò: bu omi dé ìdajì ike omi kan, gbé e dúró nínú firísà, nínú apẹ̀rẹ̀ òkè níbi tó ti kọ́kọ́ máa ń gbóná, kó dì. Lẹ́yìn tó bá dì tán ni kí o wá fi ẹ̀gbẹ́ lé e kó dùbúlẹ̀. Bí o bá dé tí yìnyín náà ṣì wà ní ìdí ike, kò yọ́. Bí o bá bá a tó ti tẹ́ gbalaja sí ẹ̀gbẹ́ ike, ó ti yọ́, ó ti tún dì, aládùúgbò ì báà má sọ nǹkan kan. Kò ní sọ iye wákàtí fún ọ, ṣùgbọ́n yóò sọ èyí tó ṣe pàtàkì jù.

Kún firísà náà pẹ̀lú píọ̀wọ́tà dé òkè kí o tó lọ, má fi ìdajì rẹ̀ sílẹ̀ lófìfo. Kí o sì gbé táítọ̀sì sísàlẹ̀ sáàárín yìnyín, kí kúrókà wà lókè. Òdì lo tò ó lọ́tẹ̀ yìí.

Ayanja Ìpẹru | 10:48 àárọ̀

Ìyá, mo ti dá ẹja obìnrin kan padà láàárọ̀ yìí nítorí ohun tí ẹ sọ. Ó ti lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ó bínú, ó ní òun yóò gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Kí ni kí n sọ fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ tí yóò fi gbọ́?

Tíṣà Àgọ́-Ìwòyè | 11:02 àárọ̀

Ẹ ní kó wá ka tèmi.